Súwíìṣì lásán àti súwíìṣì onílàákàyè: èwo ló yẹ kí ọ́fíìsì yín rà?

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra súwíìṣì nẹ́tíwọ̀kì, tí ẹ ń bi ara yín pé kí ni èyí tó wọ́n fi ju èyí tó rọjú lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìròyìn tí mo kọ sí ọ̀gá wa hàn yín. Dùgbẹ̀ ni ọ́fíìsì wa wà, nínú ilé alájà méjì, kọ̀ǹpútà 24 ló sì wà níbẹ̀. Súwíìṣì lásán ni gbogbo èyí tí a ń lò.

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nẹ́tíwọ̀kì wa dákú ní ọjọ́ Ajé láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ títí di aago kan ku ìṣẹ́jú márùn-ún.*

*Ohun tó fà á: wọ́n sún tábìlì ní yàrá àwọn akáǹtì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí a ti pa gbogbo ẹ̀rọ. Ẹnì kan rí orí wáyà tó ń rọ̀ dirodiro, ó sì ki orí náà bọ ihò tó ṣófo lára súwíìṣì kékeré tó wà lábẹ́ tábìlì. Kò mọ̀ pé ara súwíìṣì yẹn kan náà ni orí wáyà kejì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí, sà. Ó fẹ́ kí ibẹ̀ wà létòlétò ni.*

*Bí a ṣe tún un ṣe: mo fi wákàtí méjì àkọ́kọ́ ṣòfò, torí mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa ni ìṣòro wà. Ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì rárá, kọ̀ tí kò tẹ̀wé ni mo tó yíjú sínú ilé. Mo tẹ èyí lórí kọ̀ǹpútà kan:*

```
ping 192.168.1.1
```

*Ráútà tiwa gan-an ló ni àdírẹ́sì yẹn, síbẹ̀* `Request timed out.` *ni mo ń rí, ìyẹn ni pé kò dáhùn. Gbogbo iná ara súwíìṣì ń ṣẹ́jú wìrìwìrì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pa á, mo tún tàn án. Ó jí díẹ̀, ó tún dákú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà níkọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe yọ èyí tó gòkè, iná ìsàlẹ̀ rọlẹ̀. Mo gòkè, mo ṣe bákan náà títí mo fi dé abẹ́ tábìlì yẹn. Mo fa wáyà náà yọ, kò sì pé ìṣẹ́jú kan tí gbogbo nǹkan fi padà bọ̀ sípò.*

*Ohun tí kò ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀: mo ti kó gbogbo wáyà tí kò níṣẹ́ kúrò nílẹ̀, mo sì ti lẹ orúkọ mọ́ orí wáyà yòókù. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Ó yẹ ká ra súwíìṣì mìíràn.*

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà a máa kígbe sí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì pé, "Ta ló ni àdírẹ́sì yìí?" Súwíìṣì á ṣe ẹ̀dà igbe náà, á sì tì í gba gbogbo ihò jáde, àyàfi èyí tó gbà wọlé. Bí wáyà bá jáde níhò kan tó tún padà wọ òmíràn lára súwíìṣì kan náà, igbe á máa yí po, ẹ̀dà rẹ̀ á sì máa tú sí gbogbo ilé. Kò sí òǹkà lára rẹ̀ tó máa pa á lẹ́yìn ìyípo mélòó kan, torí náà kì í tán fúnra rẹ̀.

| | Lásán | Onílàákàyè |
|---|---|---|
| Ohun tí páálí sábà máa ń sọ | `Unmanaged` | `Smart` tàbí `Managed` |
| Ìṣètò | Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ó parí | Ẹ ó ṣí ojú ìwé rẹ̀ lórí buráúsà |
| Bí wáyà bá yí po | Gbogbo ilé lè dákú | Ó lè ti ihò yẹn pa, ìyókù á máa ṣiṣẹ́ |
| Owó | Ó rọjú | Ó wọ́n jù ú lọ |

Ẹ má tìtorí páálí sanwó. Ẹ béèrè bóyá ó ní `Loop Prevention`, `Loop Detection` tàbí `Spanning Tree`, torí orúkọ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tàn án. Ẹni tó rà á tí kò ṣí ojú ìwé rẹ̀ lè ti ra súwíìṣì lásán ní owó ńlá. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá padà ní ọjọ́ yẹn náà.

Kò pọn dandan kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi onílàákàyè sí àárín, níbi tí wáyà gbogbo yàrá ti pàdé, kí èyí tó rọjú ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Bí wáyà bá yí po ní yàrá akáǹtì, ihò yàrá yẹn nìkan ni ti àárín á tì. Yàrá náà á dákú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ wò.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí ìyípo tó wà lẹ́yìn súwíìṣì mìíràn, nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ dán an wò kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá. Ẹ so súwíìṣì lásán mọ́ ọn, ẹ ki orí wáyà kan méjèèjì bọ súwíìṣì lásán náà, kí ẹ wá tẹ `ping -t` láti kọ̀ǹpútà tó wà lára onílàákàyè lọ sí ráútà. Bí èsì bá padà wá láàárín ìṣẹ́jú kan, ó dára. Bí kò bá padà, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.