Àgbéyẹ̀wò mi lórí olùkọ́ ìtàn orí Wọ́ọ̀sáàpù tó bá mi to àròkọ Ogun Kírìjì

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé olùkọ́ náà kò fọwọ́ kan àròkọ mi títí ó fi mọ ohun tí wọ́n ń bi mí gan-an. Ẹ máa sanwó, ẹ máa fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù, ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀kọ́ ìtàn á bá yín to èrò yín, á sì ka ohun tí ẹ bá kọ. Wọn kì í bá èèyàn kọ ọ́. Ẹni tó bá ń wá akọ̀wé kó wá ibòmíràn lọ.

Ní iléèwé àwọn olùkọ́ tí mo ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, aṣojú kíláàsì ya fọ́tò ìwé ìbéèrè, ó sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Etí fọ́tò náà ti gé ìlà òkè àti ìsàlẹ̀ ìbéèrè tèmi lọ. Gbogbo ohun tó kù níbẹ̀ ni "Ogun Kírìjì, 1877 sí 1893", ìyẹn ogun tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́, èsì olùkọ́ náà ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kọ́ nìyí. Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ nípa ogun náà? Ọ̀rọ̀ mélòó ni wọ́n fẹ́? Máàkì mélòó ni?"

Ó wá fi ohùn ránṣẹ́ láti ṣàlàyé. Tó bá jẹ́ ohun tó fa ogun ni wọ́n ń bèèrè, ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fi ń jẹ àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ni màá gbájú mọ́, àti bí Fábùnmi ṣe dìde sí wọn ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní 1878. Màá tún mẹ́nu ba ìjà Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá lórí ọ̀nà òwò sí etíkun, èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Irú àròkọ bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú 1893 rárá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bí ogun ṣe parí ni, 1893 gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Mo bi í bóyá a lè fi àwọn ìbéèrè yòókù mọ̀ ọ́n, torí máàkì tiwọn hàn, 20 ni gbogbo wọn. Ó ní ìyẹn lè sọ bí àròkọ ṣe máa jinlẹ̀ tó, kò lè sọ ohun tí wọ́n ní ká ṣe. Ó ní kí n bẹ aṣojú kó tún fọ́tò náà yà. Nígbà tó dé, ìlà tó sọnù ni: "Kí nìdí tí ogun yìí fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?" Ọ̀rọ̀ 1,200, máàkì 20. Kò sí èyí tó jọ ọ́ nínú ohun tí a ti ń rò.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ 100 ṣe ìbẹ̀rẹ̀, 110 ṣe ìparí, kí ìdí mẹ́ta pín ìyókù, 330 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí àkọ́kọ́ ni ìbọn: àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ibùdó Ògèdèǹgbé, ọ̀gá ogun wọn, nítorí náà iye ọmọ ogun Ìbàdàn kò tó láti ṣẹ́gun mọ́. Ìdí kejì ni pé ojú ogun Ìbàdàn pọ̀: Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ní gúúsù, Ìlọrin ní ìhà Ọ̀fà. Ẹ̀kẹta ni èmi ì bá gbàgbé láìsí ìbéèrè rẹ̀: Látòósà, Ààrẹ Ìbàdàn, kú ní 1885, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní September 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká. Ìlọrin kò jáwọ́ nínú ìjà, ìjà Mọdákẹ́kẹ́ àti Ifẹ̀ náà kò yanjú. Gómìnà Carter láti Èkó ló wá tú ibùdó náà ká ní 1893. Níbi tí mo ti kàn ń to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Báwo lèyí ṣe mú kó pẹ́?" Gbólóhùn tí mi ò rí èsì fún ni mo yọ.

Àléébù rẹ̀: ohùn tó ń fi ránṣẹ́ gùn, ó ń jẹ dátà, kì í sì í dáhùn lálẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sanwó ni wọ́n ń bèèrè ohun tí ìbéèrè ní ká ṣe, iye ọ̀rọ̀ àti iye máàkì, aago sì ti ń kà. Ó yẹ kí wọ́n wà nínú fọ́ọ̀mù tí a ń kọ́kọ́ kún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, màá tún lò wọ́n fún àròkọ tó kàn.