Fọ́múlà ọmọ ọwọ́ àti mílíìkì onínọ́ńbà 3: ṣé ọmọ ọdún kan nílò agolo kẹta?

Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n máa ń to agolo onínọ́ńbà 1, 2 àti 3 tẹ̀ léra wọn, orúkọ kan náà, àwòrán tó jọra. Ìyá tó ti ra 1 àti 2 á rò pé ó ti di dandan kí òun ra 3 bí ọmọ bá ti pé ọdún kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Wọ́n ṣe nọ́ńbà 1 dípò ọmú, fún ọmọ tí kò tíì lè jẹ nǹkan mìíràn. Ìlànà tó de irú fọ́múlà yẹn le gan-an: iye tí èròjà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín sí wà nínú ìwé, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ohun amóúnjẹ-ta-sánsán sí i. Nọ́ńbà 3 jẹ́ ohun mímu fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta tó ti ń jẹun. Ìlànà tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí òmíràn fi ní ṣúgà àti fanílà nínú, tí òmíràn kò sì ní. Nítorí náà, bó ti wù kí owó ṣọ́wọ́n tó, ẹ má fi nọ́ńbà 3 rọ́pò fọ́múlà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn ọdún kan, fọ́múlà kọ́ ni ó yẹ kí ẹ fi nọ́ńbà 3 wé. Mílíìkì màlúù lásán tí wọn ò yọ ọ̀rá rẹ̀ ni. Nínú mìlílítà 100, mílíìkì lásán ní pùrótéènì bíi gíráàmù 3.3 àti kálísíọ́ọ̀mù bíi mìlígíráàmù 120, ó sì máa ń ju ti nọ́ńbà 3 lọ ní ti pùrótéènì. Ibi tí nọ́ńbà 3 ti borí ni áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àti fítámì D. Áyọ́ọ̀nù inú mílíìkì lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Nínú nọ́ńbà 3, ó lè tó mìlígíráàmù 1 nínú mìlílítà 100.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tó ń mu mìlílítà 300 lójúmọ́. Nọ́ńbà 3 á fún un ní áyọ́ọ̀nù bíi mìlígíráàmù 3, nínú nǹkan bíi 7 tó nílò. Ó dára, ṣùgbọ́n á máa lo bíi gíráàmù 40 lójúmọ́, agolo gíráàmù 400 á tán ní ọjọ́ mẹ́wàá, agolo mẹ́ta nìyẹn lóṣù. Bí ọmọ náà bá ń jẹ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja láàárọ̀, ẹran tí wọ́n rún dáadáa pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án, àti ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó ń rí áyọ́ọ̀nù nínú oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ. Ẹ fún un ní ọsàn díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀wà, torí ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù náà. Ẹ má fún un ní tíì, torí tíì ń dí i lọ́wọ́.

Bí ọmọ ṣì ń mu ọmú, ẹ jẹ́ kó máa mu ún títí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2013, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù sọ pé kò sí ipa àrà ọ̀tọ̀ kan tí irú mílíìkì yìí ń kó nínú oúnjẹ ọmọdé. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ẹgbẹ́ dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà náà sọ pé ọmọ ọdún kan kò nílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mílíìkì lásán náà ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́jà wa. Ọ̀pọ̀ sáṣẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní mílíìkì ni wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, tí wọ́n sì fi òróró ewéko rọ́pò. Ẹ ka àkọsílẹ̀ èròjà lẹ́yìn rẹ̀: mílíìkì tó ní ọ̀rá rẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú, kí ṣúgà má sì sí níbẹ̀ rárá. Mílíìkì dídì aládùn inú agolo kékeré kì í ṣe ohun mímu ọmọdé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó dínwó jù, ẹ pín iye owó sí iye gíráàmù, ẹ má wo bí agolo ṣe tóbi tó. Kò sì yẹ kí mílíìkì kankan kọjá mìlílítà 500 lójúmọ́, torí ọmọ tó bá yó mílíìkì kì í jẹun, ibẹ̀ sì ni àìtó ẹ̀jẹ̀ ti sábà máa ń wọlé.

Bí ọmọ bá ń kọ oúnjẹ, tí kò sanra sí i, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń funfun tàbí tó máa ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí mílíìkì màlúù bá ń mú kí ara ọmọ máa yún un tàbí tó ń mú un bì, nọ́ńbà 3 kò ní wò ó sàn, torí mílíìkì màlúù náà ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Dókítà ni yóò sọ irú èyí tó lè mu.