Hípù sọ́ọ̀tì nínú mẹ́mórì báìtì 2,048: àgbéyẹ̀wò mi

Ọ̀rọ̀ táńkì omi ló gbé mi dé ìdí hípù sọ́ọ̀tì, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà to nọ́ńbà láti kékeré dé ńlá. Àdúínò Únò R3 kan, kọ̀ǹpútà kékeré bẹ́ẹ̀, ló ń ṣọ́ omi táńkì ilé wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lábẹ́ ìdérí ń wọn bí omi ṣe jìnnà sí i tó, àmọ́ ó máa ń purọ́ bí omi bá ń rú. Mo bá ní kó wọ̀n ọ́n nígbà 600, kó tò wọ́n, kó mú ti àárín. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gba báìtì 2, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,200. Mẹ́mórì Únò kò ju 2,048 lọ, ó wá ku 848 fún gbogbo iṣẹ́ yòókù.

Mọ́ọ̀jì sọ́ọ̀tì, ọ̀nà ìtò mìíràn, kò lè wọlé, torí bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ ọ́, ó fẹ́ ààyè kejì tó tó ti àkọ́kọ́. Àbúrò mi kan tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lo kúíìkì sọ́ọ̀tì, òun ló yá jù." Mo ní, "Bí ẹ̀rọ bá ń fa omi sínú táńkì ńkọ́?" Lásìkò náà, nọ́ńbà ń dínkù tẹ̀lé ara wọn ni. Kúíìkì tó bá fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣe òpó tó fi ń pín àwọn yòókù sí méjì máa yọ ẹyọ kan péré lẹ́ẹ̀kan, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ara rẹ̀ nígbà 600 láìtíì padà. Ká ní àdírẹ́sì ìpadà oníbáìtì 2 nìkan ni ìpè kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀, ó ti sún mọ́ 1,200, bẹ́ẹ̀ 848 ló kù. Únò kì í kígbe ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Á kàn tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí kó máa kọ ìsọkúsọ sí ojú ẹ̀rọ.

J. W. J. Williams ló gbé hípù sọ́ọ̀tì jáde ní 1964. Lọ́dún yẹn kan náà ni Robert Floyd fi hàn pé a lè kọ́ hípù láti ìsàlẹ̀ wá sókè, níbi tí nọ́ńbà wà gan-an. Hípù dà bí igi ìdílé, àmọ́ kò sí igi kankan tí a fẹ́ gbìn síbòmíràn: láti 0 la ti ń ka ipò, ẹni tó wà ní ipò i, ọmọ rẹ̀ wà ní 2i+1 àti 2i+2. Òfin kan ṣoṣo ló wà: òbí kò gbọdọ̀ kéré sí ọmọ. Ẹni tó bá kéré, ẹ jẹ́ kó rì:

```c
void ri(int a[], int i, int n) {
  for (;;) {
    int d = i, l = 2*i + 1, r = l + 1;
    if (l < n && a[l] > a[d]) d = l;
    if (r < n && a[r] > a[d]) d = r;
    if (d == i) return;
    int t = a[i]; a[i] = a[d]; a[d] = t;
    i = d;
  }
}
```

Ẹ kíyè sí i pé kò pe ara rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ kó máa pe ara rẹ̀ ti dá díẹ̀ padà nínú mẹ́mórì tó ní òun fẹ́ ṣọ́.

Ẹ mú 3 8 5 9 1 7 4. Òbí tó gbẹ̀yìn wà ní ipò 2, ìyẹn 5. Ọmọ rẹ̀ ni 7 àti 4, torí náà 7 gòkè: 3 8 7 9 1 5 4. Ní ipò 1, 9 gba ipò 8: 3 9 7 8 1 5 4. Ní ipò 0, 3 rì sábẹ́ 9, ó tún rì sábẹ́ 8: 9 8 7 3 1 5 4. Hípù ti dé. Ẹ wá pààrọ̀ 9 àti 4, kí 9 jókòó sí ìparí láéláé, kí 4 sì rì láàárín àwọn 6 tó kù: 8 4 7 3 1 5, lẹ́yìn náà 9. Bí hípù ṣe ń sún kì, bẹ́ẹ̀ ni apá tí a ti tò ń gùn, inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń gbé. Ibi ìpààrọ̀ kan, t, tó fún gbogbo rẹ̀.

Ìdánilójú n log n, níbi tí n ti jẹ́ iye nọ́ńbà, wá láti inú gíga igi. 600 kò ṣeé pín sí méjì ju ìgbà 9 lọ kó tó di 1, torí náà kò sí nọ́ńbà tó lè rì ju àtẹ̀gùn 9 lọ, bó ti wù kí wọ́n tò ó wá. Àfiwé 2 ni àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Ìyọkúrò 599 kò lè kọjá àfiwé 10,782. Kíkọ́ hípù fúnra rẹ̀ kò tó 1,200, torí ìdajì àwọn nọ́ńbà kò lọ́mọ, àwọn tó sì lè rì jìnnà kò pọ̀. Ìnṣẹ́ṣọ̀n sọ́ọ̀tì, tí kò gba mẹ́mórì bákan náà, lè dé 179,700 bí wọ́n bá tò ó wá sódìkejì, bí omi ṣe máa ń ṣe sí mi gan-an.

Àléébù rẹ̀ wà o. Nọ́ńbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò kò mú un yá: á kọ́kọ́ tú u ká ná. Àwọn tó dọ́gba kì í pa ipò wọn mọ́, torí náà n kò ní fi to orúkọ oníbàárà tí mo ti fi ọjọ́ tò tẹ́lẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù, fífò kiri inú mẹ́mórì máa ń dá a dúró, kúíìkì tí wọ́n kọ dáadáa sì sábà máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Únò kò ní kíáṣì, mẹ́mórì kékeré tó yá, tí fífò yẹn máa bà jẹ́, torí náà n kò rí ìyà yẹn rárá. Fún táńkì yìí, mo fún un ní 5 nínú 5. Fún láptọ́ọ̀pù mi, 3.