Ẹni tó bá mi tún fọ́tò igbá àti báàgì mi ṣe

Igbá fínfín àti báàgì awọ ni mò ń tà nítòsí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe katalọ́ọ̀gù, mo kó fọ́tò mẹ́rìnlá fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe, mo sì kọ̀wé sí i pé kí ó yọ gbogbo ohun tí kò yẹ kúrò. Ẹ̀bi tèmi ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Ó yọ ìgò tí mo fi ti igbá lẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún dí ihò kékeré méjì tí a lu sí etí ọmọrí fún okùn, nítorí ó rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá fi fọ́tò bẹ́ẹ̀ rajà yóò ní èmi ni mo lu igbá òun.

Mo tún ìwé náà kọ:

“IMG_0412: Ẹ yọ ìgò tí ó wà lẹ́yìn igbá, ní apá òsì ẹni tí ń wo fọ́tò, pẹ̀lú òjìji ìgò náà lórí ẹní. Ẹ yọ ìka mi ní etí ọmọrí. Ẹ fi òjìji igbá sílẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan ihò méjèèjì. IMG_0415: Ẹ yọ bébà iye owó tí a so mọ́ báàgì, pẹ̀lú òwú rẹ̀. Ẹ fi ìṣó ara ògiri sílẹ̀.”

Ó bi mí pé, “Mà, ṣé kí n má yọ ìṣó náà ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí okùn báàgì nà gbọnrangandan lórí rẹ̀, bí a bá yọ ọ́, báàgì yóò dà bí ohun tí ó so mọ́ afẹ́fẹ́.

Ìgò lọ, òjìji rẹ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ fọ́tò náà lójú, mo rí i pé koríko kan tí ó ṣẹ́ lára ẹní fara hàn ní ibi mẹ́ta, bákan náà gẹ́lẹ́: apá kan náà ni ó ń dà kọ léraléra láti fi dí àyè ìgò. Ó mú hihun láti ibòmíràn lára ẹní, ó sì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Ti ìka ni ó wú mi lórí jù. Ó ní òun lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n òun kò mọ ọnà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, pé ohun tí òun bá fi dí i yóò jẹ́ àfọwọ́rọ, kì í ṣe ohun tí agbẹ́gbá fín. Ó ní kí n tún ọmọrí nìkan yà níbi kan náà, láìfọwọ́ kàn án. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọnà gidi bo ojú ìka.

Ó pẹ́ ní ọjọ́ méjì ju àdéhùn lọ. Lórí WhatsApp, ó kọ́kọ́ fi wọ́n ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, ojú ọnà sì ṣú. Ìgbà tí ó fi wọ́n ránṣẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì ni wọ́n tó mọ́ kedere.