Ọ̀rọ̀ bílíbọ́ọ̀dù méjì fún ilẹ̀ Kuje: èwo ni kẹ́ ẹ sanwó fún?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ilẹ̀ l'Abuja tẹ́ ẹ fẹ́ fowó ra ọ̀rọ̀ bílíbọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ ká fi méjì wéra. Ká ní Ẹapọ́ọ̀tù Ròòdù lẹ máa gbé e sí, ká sì ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ ni pulọ́ọ̀tì kan. Mọ́tò tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí máa lọ bíi mítà 83 láàárín sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta, gbogbo àyè tẹ́ ẹ ní náà nìyẹn.

Àkọ́kọ́: ILẸ̀ OLÓWÓ PỌ́Ọ́KÚ NÍ KUJE, ₦1.5M

Ìkejì: PULỌ́Ọ̀TÌ KUJE, MÍLÍỌ̀NÙ KAN ÀBỌ̀

Lórí fóònù, àkọ́kọ́ dùn jù, òun lèmi náà kọ́kọ́ fẹ́ràn. Mo wá tẹ méjèèjì sórí pépà A4 tó dùbúlẹ̀, mo dúró sí mítà 4 sí àbúrò mi ní pálọ̀ wa ní Lugbe, mo gbé àkọ́kọ́ sókè, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo yí i padà. Bílíbọ́ọ̀dù tó fẹ̀ ní mítà 6, tẹ́ ẹ bá wò ó láti mítà 80, bó ṣe máa kéré lójú yín náà nìyẹn. Àbúrò mi ní, "Ilé ni, ní Kuje, mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ojú ẹ̀ ò fọ́ o. Àmì kékeré ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ sí ilé, ọ̀nà jíjìn sì máa ń gbé àmì mì, ó gbé pọ́ìntì tó wà láàárín 1 àti 5 náà mì. Ẹni tó ní mílíọ̀nù méjì lọ́wọ́ á kàn wakọ̀ kọjá ni. Ìkejì ò ní wàhálà yẹn: yọ gbogbo àmì orí ẹ̀, pulọ́ọ̀tì ṣì ni wọ́n máa kà, iye owó náà ò sì lè di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí mo gbé ìkejì sókè, àbúrò mi kà á pé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí "olówó pọ́ọ́kú" níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iye owó ti sọ ọ́.

Tó bá jẹ́ ibi tí gòsíló máa ń wà lójoojúmọ́ tàbí pépà tí wọ́n ń pín lọ́jà, ẹ ra àkọ́kọ́, àwọn èèyàn máa ráyè kà á dáadáa. Nọ́ńbà fóònù ní tiẹ̀, nọ́ńbà 11 ò ṣeé há sórí láàárín sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta, orúkọ ilé iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀.

Ibi tí ìkejì ti lè bà yín jẹ́ ni pé kò sí àyè fún "láti" níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pulọ́ọ̀tì tó kéré jù nìkan ni mílíọ̀nù kan àbọ̀, tí owó sọ́fè àti owó ìwé ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ má rà á. Ẹ ro gbogbo owó yẹn pọ̀ ná, iye tó bá já sí ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ wá gbé A4 tuntun náà fún ẹni tí ò rí i rí.