Báńkì tó so iye yúrò mọ́lẹ̀ fún mi, tó wá ní kí n mú 6,000 dọ́là wá

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo rò pé mi ò jẹ báńkì ní ohunkóhun ni wọ́n ní kí n san 6,000 dọ́là.

Ẹ̀rọ ni mo rà, 200,000 yúrò, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún mi láti san án. Dọ́là ni mo fi ń ṣòwò. Ẹ̀rù ń bà mí kí yúrò má lọ gbówó lórí, ni mo bá bá báńkì ṣe àdéhùn fọ́wáàdì, èyí tó ń so iye owó mọ́lẹ̀ lónìí fún ọjọ́ kan níwájú: dọ́là 1.10 fún yúrò kan, 220,000 dọ́là lápapọ̀. Obìnrin tó bá mi ṣe é mọ èèyàn tọ́jú, kò sì gba owó ìdúró lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ́kọ́ wo fíúṣọ̀, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà Ṣikágò, àmọ́ 125,000 yúrò ni ìwọ̀n ẹyọ ńlá kan. Ọ̀kan ò tó mi, méjì pọ̀ jù, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣírò èrè àti àdánù, tí wọ́n á ní kí n mú owó kún owó. Mo sá fún wàhálà.

Àṣé ó ń dúró dè mí níwájú. Ọkọ̀ ojú omi pẹ́, ẹni tó tajà sún ọjọ́ ìsanwó síwájú ní ọgbọ̀n ọjọ́. Fọ́wáàdì ò mọ̀ pé ọkọ̀ pẹ́. Ọjọ́ tiẹ̀ pé, yúrò sì ti wálẹ̀ sí 1.07. Mo lè gba yúrò náà kí n tọ́jú ẹ̀, ṣùgbọ́n 220,000 ò tíì pé lọ́wọ́ mi.

Mo pe obìnrin báńkì yẹn. “Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ bá mi sún 1.10 yẹn síwájú.”

“Ẹ má bínú sà, a kì í gbé iye àtijọ́ sínú àdéhùn tuntun, bíi kí a yá yín lówó ní bòńkẹ́lẹ́ ni. A ó ta yúrò yẹn padà ní 1.07, ẹ ó san ìyàtọ̀, a ó kọ òmíràn ní 1.0735.”

Mo pariwo! Ẹni tó ra ààbò ló tún ń san àdánù? Mo já fóònù mọ́ ọn lójú.

Ní alẹ́ ni mo mú bírò. Yúrò yẹn yóò ná mi ní 214,000 ní 1.07, tí mo bá fi 6,000 kún un, 220,000 náà ni. Àdánù kọ́, owó tí mo máa san tẹ́lẹ̀ náà ni, wọ́n kàn gba apá kan rẹ̀ ṣáájú. Ojú tì mí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n 1.0735 ò yé mi. Mo pè é padà, mo bẹ̀ ẹ́, mo wá ní, “Nínú ohun tí ẹ fi lé 1.07, èló ni ti ìyàtọ̀ èlé orí dọ́là àti ti yúrò, èló ni èrè tiyín?” Ó dákẹ́. Ó fi orin sí mi létí fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó dé pẹ̀lú 1.0715. Ìbéèrè kan, 400 dọ́là! Gbogbo ohun tí ìsúnsíwájú náà wá ná mi ò ju 300 lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ní irú fọ́wáàdì tí èèyàn lè gba owó rẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iye rẹ̀ a máa wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló bá ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ mu. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ fún mi. Àti pé 1.10 àkọ́kọ́ yẹn, mi ò béèrè èló ni tiwọn nínú ẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo ti fọwọ́ sí òmíràn lọ́dọ̀ obìnrin yẹn náà lọ́sẹ̀ tó kọjá.