Tépù irin àbí tépù fáíbà: èwo ni kí ẹ rà fún sáìtì tí oòrùn ń pa?

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, a wọn ilẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìlọrin, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láago méje àárọ̀, tépù irin ka mítà 60.000 láti èèkàn kan dé èkejì. Láago méjì ọ̀sán, tépù yẹn náà, èèkàn yẹn náà, ó ka 59.986. Ọmọ tó bá mi di ìdí tépù mú búra pé ọwọ́ òun ò yẹ̀. Kò purọ́. Oòrùn ti na tépù, ìlà ara rẹ̀ ti jìnnà síra, nọ́ńbà tó dé ibi èèkàn sì dín.

Ilé iṣẹ́ máa ń ṣe àmì tépù fún ooru digirí 20. Bí ooru bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí ẹ máa fi kún ohun tí ẹ kà nìyí:

```
C = 0.0000116 × (T − 20) × L
```

T ni ooru ara tépù, L ni ohun tí ẹ kà. Tẹmómítà tí a gbé lé ara tépù fi 25 hàn láàárọ̀, 45 lọ́sàn-án. Mílímítà 3.5 la fi kún ti àárọ̀, 17.4 la fi kún ti ọ̀sán, méjèèjì sì bọ́ sí 60.003. Ẹ má lo ooru afẹ́fẹ́ o: irin tó sùn sórí ilẹ̀ gbígbóná máa ń gbóná jù ú lọ dáadáa. Bí ẹ bá sì ń kan èèkàn tuntun ni, ẹ yọ ọ́ kúrò: fún mítà 30 ní digirí 45, ẹ kàn án síbi 29.991.

Tépù fáíbà fúyẹ́, kì í dípẹtà, bí ọkọ̀ bá gùn ún kì í sábà ṣẹ́. Fún fẹ́ǹsì àti kòtò ìpìlẹ̀, mi ò rí àléébù rẹ̀. Àmọ́ bí ẹni tó fà á bá lágbára, á nà. Ìyẹn ò sì ṣeé ṣírò, torí ọwọ́ ọ̀la kì í ṣe ọwọ́ òní. Àṣìṣe irin ṣeé ṣírò. Ìdí tí mo fi ń ra irin fún ìlà òpó ilé nìyẹn.

Lọ́jà, ẹ fa orí tépù irin jáde. Ẹ wá 20°C, 50N tó jẹ́ agbára tí ẹ máa fi fa tépù, àti I tàbí II tó jẹ́ ipele ìpéye rẹ̀. Fún mítà 30, I lè fi mílímítà 3.1 yẹ̀, II lè fi 6.3 yẹ̀. Ooru digirí 45 nìkan ń mú 8.7 wá! Ẹni tó san owó I láìra tẹmómítà ti fowó ṣòfò. 50N tó bí ìwúwo kílò márùn-ún. Ìwọ̀n onísípíríǹgì lásán á fi hàn yín.

Bí irin ilé tó wà nínú oòrùn kan náà lẹ ń wọ̀n, tó sì gbóná bíi tépù, ẹ má fi nǹkan kan kún un tí ẹ bá fẹ́ mọ gígùn rẹ̀ ní digirí 20: àwọn méjèèjì ló jọ gùn.